Lẹ́tà Tó Ní Kí N Má Sọ Fún Ẹnikẹ́ni

Títí di òní, bí ẹnìkan bá wí fún mi pé "má sọ fún ẹnikẹ́ni", ara mi kì í gbà á. Ọmọ-ọmọ mi lè fẹ́ fi nǹkan kékeré kan ya ìyá rẹ̀ lẹ́nu, kó wá sọ ọ́ sí mi létí, ojú mi á sì le lójijì débi pé ọmọ á máa wò mí bóyá òun ṣẹ̀ mí. Kò ṣẹ̀ mí. Ẹlòmíràn ló ṣẹ̀ mí, láti ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, n kò sì tíì dárí jì í. Àwọn ará ìjọ ti bá mi sọ ọ́ títí, ó ti sú wọn. Kò tíì sú èmi.

Olùkọ́ obìnrin ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Àgbádárìgì. Ọmọ Ajido ni mí. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ló ń yan ẹja, owó ẹja náà ló sì fi rán mi níwèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò àwọn olùkọ́ ni. Wọ́n tẹ orúkọ gbogbo àwa tí a yege sínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí oníkálukú ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní òǹtẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n ó rán àpò aṣọ fún un, ó ní kí èéfín ẹja má baà bà á jẹ́.

Olùkọ́ ọkùnrin kan wà tí tábìlì rẹ̀ kan tèmi. Ọmọ Gbaji ni, ó fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọdún kan náà la jọ yege, nítorí ìdánwò náà ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń pè é ní bùrọ̀dá. Òun náà ń pè mí ní Tíṣà Kékeré, kó lè rán mi létí pé òun ló dàgbà. Ọwọ́ rẹ̀ dára lójú pátákó gan-an. Bí ó bá kọ nǹkan tán, ó máa ń dun àwọn ọmọ láti nù ún. Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ó fi gíláàsì sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá tó háyà nítòsí etí omi, ẹni tó bá sì wọlé ní láti kà á kí ó tó jókòó.

Ọjọ́ Ajé kan ni lẹ́tà mi dé. Bébà rẹ̀ nípọn, wọ́n ya adé ọba sórí rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ orúkọ mi láìṣàṣìṣe. Ó ní ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ràn ìlọsíwájú ọmọ Áfíríkà, ti gbọ́ ìròyìn mi. Nínú gbogbo olùkọ́ ẹkùn wa, èmi nìkan ni wọ́n yàn láti fún ní sikọ́láṣípù ọdún mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nílùú òyìnbó. Wọ́n á sanwó ọkọ̀ òkun mi, wọ́n á fún mi ní kóòtù òtútù. Àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi ò pọ̀. Kí n fi ìwé ẹ̀rí mi gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìbí mi. Kí n fi owó ìforúkọsílẹ̀ sí i, pọ́n-ùn méjì àti ṣílè méjì, kí n rà á ní pósítàlì ọ́dà, kí n má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí rẹ̀, kó lè rọ akápò wọn lọ́rùn. Kí gbogbo rẹ̀ dé inú àpótí lẹ́tà aṣojú wọn ní Èkó kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni títí màá fi wọkọ̀, nítorí àwọn onílara pọ̀, wọ́n sì lè wá sọ fún mi pé irọ́ ni.

Ẹ wo ìwà ìkà. Ọkùnrin yìí, tàbí obìnrin, n ò mọ̀ ọ́n, jókòó síbì kan, ó ronú nípa ẹni tó lè gbà mí sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ ba orúkọ onítọ̀hún jẹ́ lójú mi. Olè tó wọlé tó jí ewúrẹ́ gbé sàn jù ú lọ, torí kì í kọ́ ewúrẹ́ pé kó máa fi ìwo kan àwọn ará ilé.

Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Kí n má parọ́, mo ti ń wo ara mi nínú kóòtù náà. Mo fi lẹ́tà sínú àpò aṣọ kan náà tí ìwé ẹ̀rí mi wà, mo sì pa ẹnu mọ́. Owó tí wọ́n ń béèrè ju ìdajì owó oṣù mi lọ, mo fẹ́ rí i bóyá n ó lè tu ú jọ láìyọ ìyá mi lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣàkíyèsí pé bùrọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ó ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ kó le gbagidi. Bí mo bá wò ó, á rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wò mí, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ kíláàsì ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé à ń fẹ́ra. Mo rò ó pé ọmọbìnrin kan ló rí, inú mi sì dùn fún un.

Lópin ọ̀sẹ̀ kejì yẹn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ajido. Owó mi ò pé, kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ìyá kì í ṣe ẹnikẹ́ni, ìyá ni ìyá ń jẹ́. Mo bá a nídìí ààrò, ó ń yí ẹja padà. Mo ka lẹ́tà náà fún un láti òkè délẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn, èdè ilé wa.

Ó ní láti yé yín pé nílé wa, kì í ṣe ohun tuntun kí èèyàn sanwó kó tó rí ohun tó ń rà. Agbẹ́kọ̀, ẹni tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, kì í fi àáké kan igi láìgba owó ìdáwọ́lé. Gbogbo wa la dàgbà bá a bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ owó ìforúkọsílẹ̀ ò fi ta mí lára, mo ti fún un ní orúkọ tí mo mọ̀. Ìyá mi náà pè é bẹ́ẹ̀.

"Owó ìdáwọ́lé ni," ó ní. "Ó yé mi."

Ó dìde, ó wọlé, ó gbé owó jáde nínú ìkòkò. Mo mọ owó náà. Owó ọkọ̀ ojú omi tuntun ni, nítorí èyí tí a ń lò ti ń jò, ìyá mi sì ti ń bá agbẹ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀. Ó dì í sínú aṣọ, ó nà án sí mi, ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ gbà á, kò tíì fi í sílẹ̀.

"Igi rẹ dà?" ó béèrè.

"Igi wo, Màmá?"

"Agbẹ́kọ̀ á gba owó lọ́wọ́ mi kó tó gbẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti mú mi wọgbó ná. Ó fi igi hàn mí. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbá a, mo gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Mo béèrè lọ́wọ́ onígbó bóyá òótọ́ ni pé igi náà wà fún títà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbà pé màá tú aṣọ owó. Ìwọ, ta ló mú ọ dé ìdí igi tìrẹ?"

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìwé lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Àwọn yovó, àwọn òyìnbó yìí, kì í ṣe bíi tiwa."

"Mi ò mọ̀wé," ó ní. "Igi ni mo béèrè."

Ó fi owó náà sílẹ̀ fún mi. Ó ní kí n máa mú un lọ, owó mi ni, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ wo igi. Mo sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìbínú. Bí ọ̀rọ̀ ìyá ẹni bá bá ibi tó ti ń dunni, ìbínú ni èèyàn kọ́kọ́ fi ń gbà á.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ parí, mo lọ sí pósófíìsì. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ àgbà ọkùnrin onígò ojú, tí kì í yára ṣe nǹkankan. Mo ní mo fẹ́ ra pósítàlì ọ́dà.

"Orúkọ ta ni ká kọ sórí rẹ̀, Tíṣà?"

"Wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀? Bí o bá kọ orúkọ sí i, ẹni náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó gbowó. Bí o bá fi í sílẹ̀ lófo, ẹnikẹ́ni tó bá mú un dé ojú fèrèsé yìí, tàbí fèrèsé mìíràn, a ó sanwó fún un. Lọ́la bí o bá ní owó rẹ sọnù, ta la fẹ́ sọ pé ó gbà á?"

Igi ni mo wá wò, mo sì ti ń rí i. Mo yọ àpòòwé lẹ́tà náà jáde, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, kò ṣí i.

"Níbo ni wọ́n sọ pé ó ti wá?"

"Lọ́ńdọ̀nù, sà."

"Òǹtẹ̀ Èkó ló wà lára sítáǹpù. Sítáǹpù wa sì ni. Lẹ́tà yìí ò mọ òkun rí." Ó tẹ ìka mọ́ ibi tí wọ́n lù ú, ó jẹ́ kí n kà á fúnra mi. "Ṣé o ti kọ̀wé sí wọn tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́?"

Ìgbà náà ni mo rántí ìwé ìròyìn. Orúkọ mi, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ mi, gbogbo rẹ̀ tò sílẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ díẹ̀ láti rà á. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní Lọ́ńdọ̀nù tó gbọ́ ìròyìn mi. Ayọ̀ mi gangan, orúkọ tí ìyá mi ní kí wọ́n kà fún òun lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni wọ́n fi wá mi rí. Ojú tì mí, lẹ́yìn náà inú bí mi, ìbínú náà kò sì tíì lọ tán.

Akọ̀wé náà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí. Ó ní sikọ́láṣípù ìjọba kì í yọ́ wá bá ẹnìkan. Wọ́n á kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀, ọ̀gá àgbà á kà á fún gbogbo olùkọ́. Ìwé ìbéèrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí tí aláṣẹ fọwọ́ sí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ojúlówó, wọ́n á pe èèyàn wá, wọ́n á wò ó lójú rẹ̀, wọ́n á dá a padà sí i lọ́wọ́. "Nọ́ńbà àpótí nìkan ni wọ́n kọ síbí," ó ní. "Kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí nọ́ńbà ilé. Ẹni tó bá háyà àpótí ló ń ṣí i. Ìwé ẹ̀rí rẹ á bọ́ sínú rẹ̀, ẹlòmíràn á fi orúkọ rẹ wáṣẹ́ ní Kano."

Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Òfin ò gbà mí láàyè láti sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ẹnikẹ́ni. N kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ yín tó wá ra ọ́dà olófo lónìí. Láǹṣì orí ọ̀sà á gbé àpò lẹ́tà lọ sí Èkó ní aago méje òwúrọ̀ ọ̀la. Kó tó lọ, ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè gbà á padà, bí òun fúnra rẹ̀ bá wá pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Òun nìkan ni o, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀."

N ò nílò kó dárúkọ. Mo rántí súfèé. Mo rántí ṣòkòtò tó le gbagidi.

Mo bá bùrọ̀dá ní yàrá rẹ̀. Mo wọlé, mo gbójú sókè láti ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo rí i pé ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Gíláàsì àti igi rẹ̀ wà nílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tí mo ń bínú sí ara mi lé lórí. Lẹ́tà tèmi wà nínú àpò mi. Ì bá gbà mí ní ìṣẹ́jú kan láti yọ ọ́ jáde kí n tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. N kò yọ ọ́. Ọkùnrin tó ń pè mí ní Tíṣà Kékeré, n ò fẹ́ kó mọ̀ pé èmi náà ti ya òmùgọ̀, pé mo ti gbé owó ọkọ̀ ìyá mi dé ojú fèrèsé. Mo wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà.

"Bùrọ̀dá, mo gbọ́ pé àwọn kan ń kọ lẹ́tà sikọ́láṣípù èké káàkiri o. Wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ èèyàn."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kàn gbọ́ ni."

Kò bínú, ó dà bí ẹni tí ń káàánú mi. "Tíṣà Kékeré, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnìkan á wá. Mi ò kàn rò ó pé ìwọ ni. Máa lọ sílé. Bí mo bá débẹ̀, màá kọ̀wé sí ọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo jáde, mo ń bínú sí i, mo ní kó máa lọ, kí ojú rẹ̀ rí i. Mo gbé ìbínú náà sùn. Ìwà òmùgọ̀ mi nìyẹn. Ẹni tó yẹ kí n bínú sí wà ní Èkó, ó ń retí àpò lẹ́tà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi ò gbà á mọ́. Mo sáré lọ sí yàrá rẹ̀, mo na lẹ́tà tèmi sí i. Ó ń fọ eyín lọ́wọ́. Ó kà á pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé nínú gbogbo olùkọ́ ẹkùn wa, èmi nìkan ni wọ́n yàn. Ó dúró níbẹ̀. Ó tún un kà. Ó sì wọlé, ó yọ tirẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ó gbé méjèèjì síra wọn. Adé kan náà. Kóòtù kan náà. Òun náà nìkan ni wọ́n yàn.

Ó mú rìsíìtì, a sáré. Olùkọ́ méjì ń sáré ní etí omi Àgbádárìgì ní òwúrọ̀, ọ̀kan láìwọ bàtà, àwọn èèyàn ń bi wá pé kí ló dé. A gbọ́ fèrè láǹṣì kí a tó yọ sí afárá èbúté. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti wà láàárín ọ̀sà, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ padà sọ́dọ̀ wa. Akọ̀wé pósófíìsì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó fi fa àpò lẹ́tà lé láǹṣì lọ́wọ́. Ó rí wa. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ó bá wa tẹ wáyà sí Èkó ní kíá. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ní kí ìwé ìbéèrè tọ wọ́n wá lọ́nà tó tọ́, nígbà tí ìwé náà máa dé, ẹnìkan ti fọwọ́ síwèé, ó ti gba lẹ́tà bùrọ̀dá lọ. Ọlọ́pàá gba ẹ̀sùn wa, ó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Orúkọ tí wọ́n fi háyà àpótí náà, kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni náà jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó ra nǹkan sí ọ̀fun pẹ̀lú owó ọkùnrin tó jókòó ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà wa pe gbogbo olùkọ́ jọ, ó ka ìkéde ìjọba fún wa. Ààyè wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́, ìjọba ló máa sanwó. Ìwé ìbéèrè, ọ̀fẹ́. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, kí aláṣẹ fọwọ́ sí i. Ojúlówó rẹ̀, kí oníkálukú mú un dání lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí akọ̀wé pósófíìsì ti wí gan-an ló rí. Igi rèé tí ó dúró nínú igbó, tí gbogbo ayé lè lọ fọwọ́ kàn.

Èmi àti bùrọ̀dá kọ̀wé sí i. Nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó ti lọ, òun ti kọ̀wé sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kí wọ́n bá a jẹ́rìí pé ó yege, wọ́n ní àwọn ń wá a nínú ìwé. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé, ìwé ìjẹ́rìí náà ò tíì dé. A jọ wọ láǹṣì lọ sí Èkó. Wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí mi wò, wọ́n dá a padà sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì gbà mí wọlé. Wọ́n bá òun náà sọ̀rọ̀ tó dára, wọ́n ní kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, wọ́n ò kéde nǹkankan.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi fi ọkọ̀ tuntun gbé mi wá láti Ajido. Kò jò rárá. Bùrọ̀dá wá bá wa létí omi, ó gba àpótí mi, ó fi lé orí, ó bá mi gbé e dé afárá. Kò jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

"Lẹ́tà tìrẹ yẹn," ó ní, "ọjọ́ wo ló dé?"

Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ kó dára.

Ó ń ka ọjọ́ lórí ìka, láti ọjọ́ Ajé tèmi dé ọjọ́ tí tirẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ka ọwọ́ kan tán, ó mú èkejì, ó dúró sórí ìka kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko tí a fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, tí mo fi ń rẹ́rìn-ín, tí lẹ́tà náà fi wà nínú àpò mi nítorí pé ẹnìkan tí n ò mọ̀ rí ní kí n má sọ.

"O ṣeun tí o wá sọ fún mi," ó ní. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó padà sílé ẹ̀kọ́, nítorí agogo ti fẹ́ lù.